Tí Wọ́n Bá Ní Kí O Bá Bàbá Ka Ìwé Ara Ike Oògùn Oko

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ló mọ irú àwòrán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Yóò ti ilé dé sórí fóònù: ike oògùn oko kan, wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e kì í gùn. Bàbá ní kí ẹ bá òun ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. A ó fa fóònù lé ọmọ tó ń bọ̀ nílé ẹ̀kọ́ Yorùbá lọ́wọ́, nítorí pé òun ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀, inú gbogbo wa yóò sì dùn pé owó ilé ẹ̀kọ́ kò ṣòfò.

Èmi kò lòdì sí i pé kí ọmọ ṣe é. Ohun tí mo lòdì sí ni pé a ń ṣe é bí ẹni ń túmọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí. Tí ọmọ bá túmọ̀ ìkíni tí kò dùn, a ó rẹ́rìn-ín, ó tán. Tí ó bá túmọ̀ ìwé ara ike oògùn tí kò péye, ẹni tó gbé táńkì sẹ́yìn ló máa mọ̀ ọ́n lára, tàbí ẹni tó ra tòmátò rẹ̀ lọ́jà. Mo fẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, kí á tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ lè rí ibi tí èdè wa ti máa ń dẹ pańpẹ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé bàbá ní oko tòmátò tó tó ìlàjì éékà. Kòkòrò ti wọ inú èso. Ó ra oògùn apakòkòrò tí èròjà inú rẹ̀ ń jẹ́ lámúdà-saihalótírìn. Ìwé ara ike náà sọ pé kí wọ́n fi mílílítà 800 fín hẹ́kítà kan, nínú omi lítà 200. Ó sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ 7 kọjá láàárín ìgbà tí wọ́n fín in àti ìgbà tí wọ́n máa já èso. Lẹ́yìn náà ni ìkìlọ̀ tẹ̀ lé e. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí o. Ike tó bá wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kà, nítorí pé oògùn kan náà lè ní agbára tó yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń lò láti òkè: oògùn. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí àgbẹ̀ ń pè é, kò sì yẹ kí á fi tipátipá gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń pe èyí tí dókítà fún wa, èyí tí ìyá wa rẹ́ sínú ìgò, àti èyí tó ń pa kòkòrò. Ohun tí oògùn túmọ̀ sí lọ́kàn ẹni tó gbọ́ ọ ni ohun tó ń ṣe ara lóore. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé nínú àpá ìkìlọ̀, májèlé ni kí á kọ. Lókè, níbi tí a ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń fín in, oògùn apakòkòrò dára. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sọ pé nǹkan yìí lè pani lára, kí Yorùbá sọ pé májèlé ni.

Ọ̀rọ̀ kejì tó bá a rìn ni "lò". Nílé ìwòsàn, tí wọ́n bá ní kí o lo oògùn, wọ́n ní kí o gbé e mì ni. Ọmọ tó bá rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ yóò kọ "ẹ lo mílílítà 64" láìro ohunkóhun. Bàbá fúnra rẹ̀ kò ní ṣì í gbọ́, mo mọ̀. Àmọ́ bàbá kọ́ ló máa ń gbé ike náà nígbà gbogbo. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́, tàbí alágbàṣe tó ń ka ìwé tí ẹ kọ ránṣẹ́, lè má mọ ohun tó wà nínú ike. "Fín" ni kí ẹ kọ, tàbí "pò ó mọ́ omi," tàbí "wọ̀n ọ́n." Ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò ní ìtumọ̀ méjì ni kí ẹ yàn, kódà bó bá mú kí gbólóhùn gùn sí i.

Ó wá kan iye, níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ.

Mílílítà 800 fún hẹ́kítà kan. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ nílé kì í ka ilẹ̀ ní hẹ́kítà. Àwọn àgbà lè ka ebè, àwọn mìíràn ń ka éékà, àwọn tó wà nítòsí ìlú a sì máa ka pulọ́ọ̀tì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí olùtúmọ̀ kọ éékà níbi tí hẹ́kítà wà, nítorí pé éékà ni ọ̀rọ̀ tí òun mọ̀. Hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àbọ̀. Ẹni tó bá da oògùn hẹ́kítà kan sórí éékà kan ti fín iye tó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró bó ṣe wà, ẹ pè é ní hẹ́kítà, kí ẹ wá ṣe ìṣirò sí abẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀: ìlàjì éékà jẹ́ nǹkan bíi mítà 2,000 níbùú lóròó, hẹ́kítà kan sì jẹ́ 10,000. Ìdá márùn-ún hẹ́kítà ni oko bàbá. Ìdá márùn-ún 800 ni 160. Gbogbo oògùn tó gbọ́dọ̀ lọ sórí oko náà lọ́jọ́ yẹn kò ju mílílítà 160 lọ.

Iye yìí ni òpó ilé. Ẹ kọ ọ́ sókè, ẹ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tó kù ni bí a ṣe máa pín in sínú táńkì.

Níbi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ nìyí, títí kan àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Wọ́n á wo mílílítà 800 nínú omi lítà 200, wọ́n á pín in, wọ́n á ní mílílítà 4 fún lítà kan, nítorí náà sìpíréyà tó ń gba lítà 16 yóò gba mílílítà 64. Ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó lè ṣi àgbẹ̀ lọ́nà. Ìdí ni pé ó gbà pé omi lítà 200 ni àgbẹ̀ náà máa fín sórí hẹ́kítà kan. Ta ló sọ fún un? Bí bàbá bá ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ihò ẹnu sìpíréyà rẹ̀ sì ti gbòòrò nítorí ogbó, ó lè fín lítà 400 sórí hẹ́kítà kan. Nígbà náà, tí ó bá fi mílílítà 64 sínú táńkì kọ̀ọ̀kan, ó ti fín oògùn ìlọ́po méjì sórí tòmátò, bẹ́ẹ̀ sì ni ó tẹ̀ lé ohun tí ẹ kọ fún un láìyẹsẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n kò le, ó sì yẹ kí ó wà nínú ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Kí bàbá fi okùn wọn ilẹ̀ kan nínú oko, mítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kan, mítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ó bu omi lásán, láìsí oògùn, kún sìpíréyà dé ojú àmì kan. Kí ó fín ilẹ̀ náà bí ó ṣe máa ń fín gan-an, ìrìn kan náà, fífà ọwọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ohun tí wọ́n kọ iye sí lára bu omi padà títí yóò fi dé ojú àmì ti àkọ́kọ́. Bí omi tó bù padà bá jẹ́ lítà 2, táńkì lítà 16 rẹ̀ kan yóò kárí mítà 800 níbùú lóròó, mílílítà 64 sì ni táńkì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ lítà 4, táńkì kan kò ní kárí ju mítà 400 lọ, mílílítà 32 ni kí ó fi sí i. Ẹni àkọ́kọ́ yóò fín táńkì méjì àbọ̀ kí oko náà tó tán. Ẹni kejì yóò fín márùn-ún. Àwọn méjèèjì, ẹ kà á wò, mílílítà 160 ni wọ́n lò.

Ike mìíràn wà tó jẹ́ pé fún lítà omi kan ni ó sọ iye oògùn, kò dárúkọ hẹ́kítà rárá. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ má fi ìṣirò tiyín kún un.

Ohun tí wọ́n á fi wọ̀n ọ́n ńkọ́? Ó máa ń wu àwa olùtúmọ̀ láti sọ ọ́ di ohun tí bàbá mọ̀: ìdérí ìgò méjì, agolo tòmátò kan, ṣíbí ìmumi mẹ́ta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ìdérí ike kan kì í bá èkejì dọ́gba, agolo tòmátò ní kékeré, ó ní ńlá, agolo tí wọ́n sì fi wọn májèlé lónìí lè padà sí ilé ìdáná lọ́la. Mílílítà ni kí ó máa jẹ́. Tí bàbá kò bá ní ife tí wọ́n fa ìlà sí, sírínjì mílílítà 20 tí kò ní abẹ́rẹ́ wà ní kẹ́mísì, kò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní 20 àti ẹ̀ẹ̀kan ní 4, ó di 64. Kí ó fi pẹ́ńtì sàmì sí i lára, kí ó so ó mọ́ sìpíréyà, kí ó má sì wọ ilé mọ́ láé.

Bákan náà ni gálọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tó gbọ́ gálọ́ọ̀nù ń ro lítà mẹ́rin àbọ̀ àti díẹ̀. Ti Amẹ́ríkà kò tó lítà mẹ́rin. Nílé, ike lítà mẹ́rin ni gálọ́ọ̀nù fún ẹlòmíràn, nígbà tí ẹlòmíràn ń pe kẹ́ẹ̀gì lítà 25 bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ wà nínú ìtumọ̀ yín rárá.

Kí ẹ tó fi iye náà ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà, 64, kì í ṣe ní ọ̀rọ̀ nìkan. Mo mọ̀ pé olùkọ́ ìṣirò wa kò ní fẹ́ràn èyí. Òun ló ń jà kí àwọn ọmọ lè máa ka "mẹ́rìnlélọ́gọ́ta" láìkọsẹ̀, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà ka iye, tí a fi ń lé, tí a sì fi ń dín, kò fara da fóònù tó ń ké gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Láàárín mẹ́rìnlélógójì àti mẹ́rìndínlógójì, sílébù díẹ̀ péré ló wà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ kọ nọ́ńbà, kí ẹ kà á sókè lẹ́yìn náà, kí bàbá tún un kà fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ọjọ́ 7. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá mọ̀ ju gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yòókù lọ, nítorí pé inú àṣà wa ni pańpẹ́ náà wà.

Yorùbá ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì rò ó rí. Ọmọ tí wọ́n bí ní Sátidé, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, Sátidé tó tẹ̀ lé e sì ni ọjọ́ kẹjọ yẹn. Lójú Òyìnbó, ọjọ́ méje ló kọjá. Ọjà tí wọ́n ń pè ní ọrún, tí wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń bọ́ sí, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì tí o bá kà á bí kàlẹ́ńdà ṣe ń kà á. Ìtàdógún tí àwọn ìyá wa fi ń dá èésú, ẹ fi orúkọ rẹ̀ wé iye òru tó wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìkan ló dín.

Nígbà tí ìwé ara ike bá wá sọ pé ọjọ́ 7, ohun tó ń sọ ni pé kí odindi ọjọ́ méje kọjá. Bí bàbá bá fín in ní Sátidé, tí ẹ sì kọ fún un pé kí ó dúró fún ọjọ́ méje, ó lè ka Sátidé ní ọ̀kan, Sọ́ńdè ní èjì, títí méje yóò fi bọ́ sí Fráìdé. Bí oníbàárà bá ń gbé ọkọ̀ bọ̀ láti ìlú ní Fráìdé, bàbá yóò já tòmátò, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun ti pa òfin mọ́. Ọjọ́ kan dín. Ìdí tí wọ́n fi fi iye ọjọ́ síbẹ̀ ni pé oògùn tó wà lára èso ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, iye ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì fi mọ̀ pé ohun tó kù kò ní pa ẹni tó jẹ ẹ́ lára. Lára èso, ọjọ́ kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ohun tí mo máa kọ nìyí: "Ẹ má ka ọjọ́ tí ẹ fín in mọ́ ọn. Tí ẹ bá fín in ní Sátidé, Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹ lè já a, bí ẹni ka ọjọ́ ìkómọ." Bàbá yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ọjọ́ ọjà rẹ̀. Bí ọjà bá bọ́ sí Sátidé yẹn gan-an, Wẹ́sídè ni ọjà tó kàn, Sọ́ńdè ni èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Kí ó já gbogbo èyí tó ti pọ́n ní Sátidé láàárọ̀, kí ó tó fín oògùn. Ọjà Wẹ́sídè yóò lọ láìsí òun níbẹ̀. Ní Sátidé kejì, kí ó já ti ọjà Sọ́ńdè. Ọjà kan péré ló pàdánù, ó sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá bá a ṣe ìṣirò ọjà yìí, ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa wo tòmátò tó pọ́n kí ó rà sórí igi láìmọ ìgbà tí ìyẹn máa dópin, n kò sì rí àgbẹ̀ tí yóò gbà.

Ìkìlọ̀ ló kù, ó sì pọ̀ lára ike. N kò ní tọ́ka sí gbogbo rẹ̀. Aṣọ ìdáàbòbò, fún àpẹẹrẹ, kò nílò ju pé kí ẹ dárúkọ aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí kì í ṣe ti aṣọ, bàtà òjò, kí ẹnu ṣòkòtò sì wà lóde bàtà, kí ohun tó bá kán sí i má baà ṣàn wọnú bàtà. Àwọn mẹ́ta mìíràn wà tí èdè wa ń fa wàhálà sí.

Èkíní ni àwọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ara ike, wọ́n máa ń fa ọ̀já àwọ̀ kan tó ń sọ bí májèlé náà ṣe le tó. Pupa ló burú jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní yẹ́lò, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù, tí àwọ̀ ewé sì gbẹ̀yìn. Yorùbá àtijọ́ ń pe púpọ̀ nínú ohun tó jẹ́ yẹ́lò ní pupa, bí a ṣe ń pe ènìyàn tí awọ rẹ̀ mọ́ ní pupa, ó sì lè pe aró àti ewé ní dúdú. Ẹni tó bá kọ pupa fún méjèèjì ti pa ìpele kan rẹ́. Ẹ kọ pupa bí ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀kan, kí ẹ kọ yẹ́lò bí èso ìyeyè fún èkejì. Búlúù bí aró, àti àwọ̀ ewé tútù. Ọ̀já ara oògùn tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ sábà máa ń jẹ́ ti ìyeyè.

Èkejì ni ọ̀wọ̀. Ọmọ kò lè wí fún bàbá àgbà pé "má ṣe," a sì ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ yóò rọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ gbìyànjú kí ẹ má jẹun nígbà tí ẹ bá ń fín in." Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ ti lọ. Ẹ gbìyànjú túmọ̀ sí pé bí kò bá ṣeé ṣe, kò burú. "Ẹ kò gbọdọ̀ jẹun" ti ní ọ̀wọ̀ nínú, ẹ yẹn ti tó. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti pàṣẹ, "ẹ kò gbọdọ̀" ni. Ibi tí ó bá ti gba ènìyàn nímọ̀ràn, "ó yẹ kí ẹ" ni. Kí ọmọ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nítorí ojú àgbà. Kí ó kí bàbá dáadáa lókè lẹ́tà, kí ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbẹ̀, kí ó wá kọ ìkìlọ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹnì kan bá gbé e mì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín ló máa gbà pẹ̀lú mi lórí rẹ̀. Lára irú ike yìí, tí lẹ́tà EC máa ń wà lẹ́bàá orúkọ rẹ̀, òróró tó jọ kẹrosíìnì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi yọ́ oògùn náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ pé kí wọ́n má mú kí ẹni náà bì. Tí ó bá bì, òróró náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa á kí májèlé náà tó pa á. Ìtumọ̀ rẹ̀ rọrùn: ẹ kò gbọdọ̀ mú kí ó bì. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ilé wa. Kò mọ̀ pé nígbà tí ẹnì kan bá gbé májèlé mì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sáré mú ni epo pupa, wọ́n á sì rọ ọ́ sí i lẹ́nu pẹ̀lú ọkàn rere. Bàbá lè ka ìtumọ̀ yín, kí ó gbà á gbọ́, síbẹ̀ kí ó má mọ̀ pé epo pupa wà lára ohun tí wọ́n ń sọ.

Àwọn kan yóò ní olùtúmọ̀ kò gbọdọ̀ fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Òótọ́ ni, n kò sì fẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀ ike bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ló kọ ọ́. Ẹ parí ìtumọ̀, ẹ fa ìlà, ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ pé: "Àlàyé tèmi, kò sí lára ike: ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ike náà dání." Ike yẹn ni dókítà máa fi mọ ohun tó mu. Ẹni tó bá ní kí á fi gbólóhùn yìí sílẹ̀ nítorí òfin ìtumọ̀, kí ó wá ṣàlàyé fún mi.

Irú àlàyé yẹn náà ló yẹ ní ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣan ike tó ti tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ti rí i tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹ fọ ike náà dáadáa." Ohun tí àgbẹ̀ máa gbọ́ nínú ìyẹn ni pé ike ti mọ́, ó tó bu omi tàbí epo sí. Ohun tí wọ́n ń sọ yàtọ̀ pátápátá. Kí wọ́n bu omi sí i níwọ̀n ìdá mẹ́rin, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n da omi náà padà sínú táńkì sìpíréyà kí wọ́n fi kún èyí tí wọ́n ń fín, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lu ike náà ní ihò nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè rọ nǹkan sí i mọ́. Kì í ṣe pé ó mọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣan án. Wọ́n ń ṣan án kí oògùn má ṣòfò, kí ó má sì ṣàn lọ sódò.

Mo fẹ́ dá a lábàá pé kí kíláàsì àwọn àgbà ọmọ wa ṣe ìwé ara ike kan ní sáà tó ń bọ̀, kí wọ́n mú un wá láti ilé ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí lóko. Kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gba ìtumọ̀ náà, kí ó sì fi omi lásán ṣe ohun tó kà níwájú wa: kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó pò ó, kí ó sọ ọjọ́ tí òun máa já èso. A ó ti rí i lójú ẹsẹ̀ bóyá mílílítà 32 ni, tàbí 64, bóyá Fráìdé ni, tàbí Sátidé. Sírínjì méjì àti garawa kan wà nílé mi, màá mú wọn wá.